118 Tàbí 6.6: Ohun Tí Ìwé Èsì Láti Yàrá Àyẹ̀wò Ń Sọ

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìbàdàn. Ó jí lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìtíì fi nǹkan kan ẹnu, ìwé tí wọ́n fún un sì gbé 118 jáde. Nígbà tó délé, ó fi ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù gún ìka ara rẹ̀ wò, ó bá 6.4 níbẹ̀. Àyà rẹ̀ já. Ó ní ṣúgà òun ti lọ sílẹ̀ pátápátá, ló bá ní kí wọ́n tètè lọ ra ẹlẹ́rìndòdò wá fún òun. Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni nọ́ńbà méjèèjì ń wí.

Ohun tí ìyá yìí kò wò ni àmì tó tẹ̀ lé nọ́ńbà. Lórí ìwé, mg/dL ni. Lójú ẹ̀rọ, mmol/L ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo ti àkọ́kọ́, àwọn ará Bìrìtìkó ń lo èkejì. Ní Nàìjíríà níbí, à ń bá méjèèjì pàdé, nígbà mìíràn nínú ilé kan náà.

Mílígíráàmù ń sọ bí ṣúgà tó wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ ṣe wúwo tó. Mílímóòlù kì í wọn ìwúwo, kíkà ló ń ka hóró ṣúgà tó wà nínú lítà kan. Hóró wọ̀nyí pọ̀ ju kí èèyàn kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kà wọ́n ní òdìdì, bí oníṣu ṣe ń ka iṣu rẹ̀ ní ogún-ogún. Ẹnì kan lè gbé òkìtì iṣu sórí òṣùwọ̀n, kí ẹlòmíràn ka òkìtì yẹn kan náà. Iṣu kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dín.

Nítorí pé ìwúwo kan náà ni gbogbo hóró ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní, 18 lẹ ó fi pín mg/dL kó tó di mmol/L. Ẹ pín 118, ẹ ó rí 6.6. Ẹ fi 18 sọ 6.4 di púpọ̀, ó di 115. Ìyàtọ̀ kékeré tó kù kò tó nǹkan, torí pé ẹ̀rọ ìgúnka tó dára pàápàá lè fi bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ṣúgà nìkan ló ni 18. Hóró kolẹsitẹ́rọ́ọ̀lù wúwo ju ti ṣúgà lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, 38.7 la fi ń pín tirẹ̀. Kolẹsitẹ́rọ́ọ̀lù 200 mg/dL jẹ́ 5.2 mmol/L. Ẹni tó bá fi 18 pín in yóò rí 11, yóò sì kó ara rẹ̀ sí wàhálà lásán.

Ẹ wá wo gbèdéke tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì. Lórí ìwé ìyá wa, 70 sí 99 ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ H sí iwájú 118: ó ga ju gbèdéke lọ. Ara àwọn tí ara wọn le ni wọ́n ti máa ń mú ọ̀pọ̀ gbèdéke báyìí. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò fún wọn, wọ́n á mú márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó wà láàárín nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi márùn-ún tó kù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe àwọn márùn-ún náà. Nítorí náà, bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá ṣe ogún oríṣi àyẹ̀wò, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọ̀kan yà kúrò nínú gbèdéke.

Ààlà àtọ̀gbẹ ní tirẹ̀ yàtọ̀. 126 mg/dL, ìyẹn 7.0 mmol/L, ni fún ẹni tí kò tíì jẹun, ohun tí wọ́n sì wò kí wọ́n tó fi síbẹ̀ ni ibi tí ṣúgà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú jẹ́. Bí kò bá sí àmì àìsàn lára, wọ́n ní láti tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó pè é ní àtọ̀gbẹ. 118 kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ibi tí ó yẹ kó wà. Dókítà ló yẹ kí ìyá lọ rí, kì í ṣe ẹlẹ́rìndòdò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ìwé lè má fi hàn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú ìgò ṣì ń jẹ ṣúgà, bíi 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. 130 lè di nǹkan bí 115 lẹ́yìn wákàtí méjì, kí àtọ̀gbẹ sì fara pamọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìgò onídèérí aláwọ̀ eérú, tí wọ́n ti fi oògùn tó ń dá jíjẹ yìí dúró sí. Oògùn náà pàápàá kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Onímọ̀ àyẹ̀wò tó fọwọ́ sí ìwé náà ló mọ ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé àti ẹ̀rọ yín dání nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.