Aró, búráùn àti iyùn: bí àwọ̀ aṣọ ṣe ń bára wọn mu

Ní ọdún 1824, wọ́n fi onímọ̀ kẹ́míísìrì kan tó ń jẹ́ Michel-Eugène Chevreul ṣe ọ̀gá ẹ̀ka ìpaláró ní Gobelins, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ìgbékọ́ ògiri fún ìjọba ilẹ̀ Faransé nílùú Párísì. Àwọn ahunṣọ ibẹ̀ gbé ẹjọ́ wá bá a. Wọ́n ní òwú dúdú tí ilé iṣẹ́ náà ń pa kò dúdú tó, pé bí àwọn bá fi ṣe òjìji lára aṣọ búlúù tàbí aṣọ aláwọ̀ àlùkò, ṣe ló máa ń rí bí èyí tó ti ṣá. Chevreul kó òwú dúdú láti ibòmíràn wá, ó fi wọ́n wé ti Gobelins, kò sì rí àléébù kankan lára tiwọn. Aró kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú dúdú náà ló ń bà á jẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ohun tó rí yìí ló di ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1839, òun náà ló sì jẹ́ kó yé wa ìdí tí bùbá kan fi máa ń tàn lára síkẹ́ẹ̀tì kan, tí yóò sì kú lára òmíràn. Ojú kì í wo àwọ̀ kan lọ́tọ̀. Ó ń fi í wé èyí tó wà nítòsí, ó sì ń sọ ìyàtọ̀ àárín wọn di ńlá ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ lè dán ohun tó jọ èyí wò nílé. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ gbé gèlè tàbí ìborùn pupa kékeré lé e láàárín. Ẹ tẹjú mọ́ pupa náà fún ìdajì ìṣẹ́jú láìyẹjú, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò. Lórí aṣọ funfun yẹn, ẹ ó rí àbàwọ́n kan tó dà bí àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ di búlúù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan síbẹ̀. Apá ojú tó ń gba pupa ló ti rẹ̀, ni òdìkejì pupa bá yọ. Bí pupa bá wá bá òdìkejì rẹ̀ pàdé lára ènìyàn kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò túbọ̀ fi agbára kún èkejì. Ìyẹn ni mo ń pè ní àwọ̀ adojúkọra.

Láti mọ ẹni tó dojú kọ ẹni, àwọn ayàwòrán máa ń to àwọ̀ sínú òbírí. Isaac Newton ti ya irú òbírí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ ní 1704. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ń bẹ̀rẹ̀ láti pupa, ó kọjá sí àwọ̀ ọsàn, sí yẹ́lò, sí àwọ̀ ewé, sí búlúù, sí àwọ̀ àlùkò, kó tó padà sí pupa. Bí ẹ bá gba àárín rẹ̀ kọjá tààrà, pupa yóò bá àwọ̀ ewé pàdé, búlúù yóò bá àwọ̀ ọsàn pàdé, yẹ́lò yóò sì bá àlùkò. Àwọn tó fara kan ara wọn, bíi búlúù àti àwọ̀ ewé, tàbí pupa àti àwọ̀ ọsàn, ni àwọ̀ aládùúgbò. Wọ́n ní nǹkan tí wọ́n jọ pín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lára ẹni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á gbọ́ pé búlúù àti àwọ̀ ọsàn dojú kọ ara wọn, wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò ní rí aṣọ aláwọ̀ ọsàn kankan níbẹ̀, wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n búráùn, àwọ̀ ọsàn ni. Àwọ̀ ọsàn tí a bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, búráùn ló ń dà. Èyí tí a bá pa iná rẹ̀ díẹ̀, tí a sì fi funfun kún un, á di àwọ̀ sányán. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣòkòtò jíǹsì búlúù pẹ̀lú bàtà aláwọ búráùn ti wọ àwọ̀ adojúkọra láìmọ̀. Bàbá tó wọ agbádá sányán, tó dé fìlà ẹtù lé e, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, torí pé aró tó jìn ni ẹtù. Bí ẹ bá fi iyùn sọ́rùn lórí ẹtù, ẹ ó rí bí iyùn náà ṣe ń pọ́n yòò: àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín pupa àti ọsàn, kò sì jìnnà sí òdìkejì aró. Lórí léèsì funfun, iyùn kan náà kì í tàn tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ àwọ̀ nìkan kò tó. Ìbéèrè méjì ló kù: báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, àti pé mélòó nínú rẹ̀ ni yóò hàn lára. Bí pupa gbígbóná àti àwọ̀ ewé gbígbóná bá jìn bákan náà, tí wọ́n sì pín ara lọ́gbọọgba, etí ibi tí wọ́n ti pàdé yóò máa gbọ̀n lójú ẹni tó ń wò ó, torí pé ojú kò rí ibi fìdí mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fúyẹ́, kí èkejì jìn, tàbí kí ọ̀kan gba ara, kí èkejì jẹ́ bàágì, gèlè tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ẹ tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí ibùsùn, kí ẹ fi fóònù yà wọ́n, kí ẹ sì sọ fọ́tò náà di dúdú-àti-funfun. Bí àwọn méjèèjì bá di àwọ̀ eérú kan náà, wọ́n jìn bákan náà nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́bọ́ọ̀dù obìnrin kan tó ń lọ sọ́fíìsì lójoojúmọ́. Ó ní ṣòkòtò búlúù tó jìn, síkẹ́ẹ̀tì búráùn, síkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé tó jìn, bùbá àdìrẹ aláró, búláòsì búlúù tó ti ń lọ sí àwọ̀ ewé, búláòsì pínkì tó fúyẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìborùn yẹ́lò tó rí bí ata ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú bàtà àti bàágì búráùn. Kò pọ̀ rárá. Kí ó kọ́kọ́ kó gbogbo wọn síwájú fèrèsé lójú ọ̀sán, kí ó yọ funfun sọ́tọ̀, torí pé funfun, dúdú àti eérú kò ní àyè nínú òbírí, wọ́n lè bá ẹnikẹ́ni lọ. Kí ó wá to èyí tó kù bí òbírí ṣe tò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lè wọ ṣòkòtò búlúù tó jìn pẹ̀lú búláòsì búlúù tó ń lọ sí ewé. Aládùúgbò ni wọ́n, ọ̀kan jìn, ọ̀kan fúyẹ́. Bàtà àti bàágì búráùn á wá fi díẹ̀ lára òdìkejì wọn sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fẹ́ wọ bùbá àdìrẹ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì búráùn. Adojúkọra ni, méjèèjì sì jìn, ó yẹ kó wúwo lójú, ṣùgbọ́n ọnà funfun inú àdìrẹ náà ń gbé e fúyẹ́. Bó bá jẹ́ bùbá aláró tí kò ní ọnà ni, n kò ní gbà á níyànjú.

Lọ́jọ́rú, ó mú búláòsì pínkì àti síkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé. Pínkì, pupa tí a fi funfun là ni. Adojúkọra ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ìjà, torí pé pínkì náà fúyẹ́ gan-an. Lọ́jọ́bọ̀, ó fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò búlúù, ìborùn yẹ́lò yẹn nìkan ló sì máa ń jẹ́ kí aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ojú. Ó lè jókòó lórí èjìká kan péré. Lọ́jọ́ Ẹtì, síkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé tún lè bá búláòsì búlúù tó ń lọ sí ewé jáde. Aṣọ márùn-ún nìyẹn, kò sí èyí tó ra.

Ọkùnrin tó bá ní ṣòkòtò búlúù tó jìn, ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ojú ọ̀run, bẹ́líìtì àti bàtà búráùn ti rí aládùúgbò àti adojúkọra gbà pọ̀.

Èwo ló dára jù nínú adojúkọra àti aládùúgbò? Karen Schloss àti Stephen Palmer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣèwádìí lórí èyí, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Wọ́n rí i pé bí àwọ̀ méjì bá ṣe sún mọ́ ara wọn tó nínú òbírí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń sọ pé wọ́n bára mu tó, àti pé ìyàtọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ wọn ló máa ń jẹ́ kí wọ́n tún gbádùn wíwò. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 lórí aṣọ gan-an fi hàn pé aṣọ tó bára mu díẹ̀, tí kò bára mu jù, tí kò sì jà jù, ni àwọn tó wò ó kà sí èyí tó gbáfẹ́ jù. Ìmọ̀ràn tèmi bá méjèèjì lọ: ẹ jẹ́ kí aládùúgbò gba èyí tó pọ̀ lára yín, kí òdìkejì jẹ́ ìwọ̀nba.

Ṣùgbọ́n aládùúgbò náà ní ìkẹ̀kùn tirẹ̀. Búlúù méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba burú ju méjì tó jìnnà síra lọ, torí pé yóò dà bíi pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bára mu, kò wá ṣeé ṣe. Dúdú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ṣòkòtò dúdú tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ máa ń fi búráùn tàbí àwọ̀ ewé hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jákẹ́ẹ̀tì dúdú tuntun.

Àńkárá tún gba ìṣọ́ra. Bí ọnà rẹ̀ bá tóbi, ẹ wá àwọ̀ tó kéré jù nínú rẹ̀, kí ẹ fi mú bàágì tàbí gèlè. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán kéékèèké búlúù àti ọsàn ló dà pọ̀ mọ́ra, láti òkèèrè wọn yóò pa ara wọn rẹ́, aṣọ náà á sì rí bí eérú. Chevreul ti ṣàkíyèsí èyí lára òwú ní Gobelins. Ẹ sún kúrò níwájú díńgí kí ẹ lè rí i bí ará ìta yóò ṣe rí i.

Ìmọ́lẹ̀ ilé ìtajà ló kù. Aṣọ méjì tí wọ́n fi aró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa lè bára mu rẹ́gí lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì kọ ara wọn lójú oòrùn, torí pé ìwọ̀n àwọ̀ tó wà nínú iná yàtọ̀ sí ti oòrùn. Bí ẹ bá ń wá ìró tó máa bá bùbá kan mu, ẹ mú bùbá náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí ẹ gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó sanwó.