"Àwa" Méjì Nínú Ọ̀rọ̀ Ìkíni Káàbọ̀

Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ará ilé-iṣẹ́ káàbọ̀ sí ìpàdé ìwádìí ní Màléṣíà, oyè ni wọ́n ń tò ṣáájú. Ẹni tó ní oyè Dato' máa ń gba "Yang Berbahagia" ṣáájú orúkọ rẹ̀. Wọ́n a fi "salam sejahtera" kún sálámà, kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè rí ìkíni tirẹ̀ gbà.

Ní tèmi, "àwa" ló ń dán atúmọ̀ èdè wò jù. Méjì ni èdè Màláyì ní: kami yọ olùgbọ́ sílẹ̀, kita kó o mọ́ra. "A kí yín káàbọ̀" gba kami, nítorí olùgbàlejò nìkan ló ń kíni. "A ó jọ wá ojútùú" gba kita. Bí atúmọ̀ èdè bá fi kami síbẹ̀, ará ilé-iṣẹ́ yóò gbọ́ pé ìran ni wọ́n ní kí òun wá wò.

"Ìwádìí wa" ló ṣòro jù. Ṣé ti yunifásítì nìkan ni, àbí gbogbo wọn ló ni ín? Gbólóhùn náà kò sọ ọ́, nítorí náà ó yẹ kí atúmọ̀ èdè bi ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ léèrè kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.