Àkọsílẹ̀ Òru Tí Yóò Yé Ẹni Tó Jí Láàárọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé ló ní ìwé iṣẹ́ kan lórí fóònù, tí wọ́n ń kọ pẹ̀lú ẹbí wọn tó wà lókè òkun: ta ló ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀, owó wo ló ti jáde, kí ló kù. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà ń kọ tirẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin ń sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yin lẹ ó gbà á ṣe. Ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dàrú.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá, àbúrò yín tó wà ní Àtìláńtà pe káfíńtà. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kọ ọ́ pé: “Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la, aago mẹ́wàá.” Ṣùgbọ́n aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti lù ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ kà á láàárọ̀ Ìṣẹ́gun rò pé Ọjọ́rú ni “lọ́la”. Káfíńtà dé ní Ìṣẹ́gun, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì padà.

Ohun tó yẹ kó kọ nìyí:

“Káfíńtà ń bọ̀ ní Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, aago 10:00 àárọ̀ Nàìjíríà. Mo ti san owó pákó; owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì jáde. Ó kù kí Ẹ̀gbọ́n wà nílé láti ṣílẹ̀kùn.”

Kò sí “lọ́la” níbẹ̀, kò sì sí “àná”. Ẹ kọ orúkọ oṣù jáde pẹ̀lú, nítorí pé oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́kọ́ kọ: 10/11 lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe 10/11 lọ́dọ̀ wa.

Aago Nàìjíríà ni kí gbogbo yín máa lò, nítorí pé iṣẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ níbí, aago wa kì í sì í yí padà. Ẹni tó wà ní Àtìláńtà yóò fi wákàtí márùn-ún kún aago tirẹ̀. Láti Àìkú àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá títí di Àìkú kejì nínú Oṣù Kẹta, mẹ́fà ni yóò fi kún un.

Tó bá jẹ́ Google Sheets lẹ ń lò, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Settings, kí ẹ sì yan Lagos níbi Time zone. Èyí kò ní yí aago tí ẹnikẹ́ni bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ padà. Ẹ má sì fi `=NOW()` ṣe àmì àkókò, torí pé ó ń yí padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá tún ìwé náà ṣe.

Tí ẹ bá ti kà á láàárọ̀, ẹ kọ “Mo ti rí i” àti orúkọ yín sí iwájú rẹ̀. Ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ nìkan kò tó: kí ẹni tó kọ ọ́ pè yín lórí fóònù.