Ìdí tí Àmì fi Bọ́ lórí Orúkọ Àwọn Oníbàárà

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, níbi tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ti pòórá lórí orúkọ àwọn oníbàárà, lẹ́yìn tí a kó orúkọ wọn láti inú fáìlì àtijọ́ sínú àkójọ tuntun lórí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà méjì kan wà tí orúkọ àbísọ wọn bára mu. Òkè ni orúkọ ìdílé ọ̀kan, Òkẹ́ ni ti èkejì. Nínú àkójọ tuntun, àwọn méjèèjì di Oke, ìwé owó ẹnì kan sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìgbà náà ni olórí ikọ̀ wa bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó fà á? Ṣé àwọn àmì náà sọnù ni, àbí wọn kò kàn hàn lójú ẹ̀rọ? Ṣé ẹ̀rọ kò lè dá wọn padà fúnra rẹ̀?

Ìwé tí a fi dá a lóhùn ni a kọ sísàlẹ̀ yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó fi àlàyé díẹ̀ kún un.

2. Ìwé tí a kọ sí olórí ikọ̀

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́. A ti wádìí ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn oníbàárà tí ẹ ní kí a wò. Ọwọ́ àwa fúnra wa ni àṣìṣe náà ti wá.

Àtẹ tí a ń kó orúkọ sí ti pẹ́. Ètò kíkọ lẹ́tà tí a mọ̀ sí latin1 ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ kó orúkọ wọlé, MySQL kọ̀ ọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde:

```
ERROR 1366: Incorrect string value:
'\xE1\xBA\xB9\xCC\x81' for column 'oruko' at row 214
```

Orúkọ Òkẹ́ ni ó wà ní ìlà 214. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé òun kò ní àyè fún ẹ́. Ó yẹ kí a dúró níbẹ̀ kí a tún àtẹ ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń kán wa lójú, a sì kọ ìlà kan tí yóò “fọ” orúkọ kí ó tó wọlé:

```
oruko = unicodedata.normalize("NFKD", oruko)
oruko = oruko.encode("ascii", "ignore").decode()
```

Ìlà kìíní ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àmì rẹ̀. Ìlà kejì da ohun gbogbo tí kò sí nínú ASCII nù, àwọn àmì sì bá a lọ. Bí Òkẹ́ ṣe di Oke nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Òkè. Ẹ̀rọ kò tún ṣàròyé mọ́, a sì rò pé ó ti parí.

Àwọn àmì náà kò fara pamọ́. Wọ́n ti lọ. A fi `HEX(oruko)` wo ohun tí ó wà nínú àtẹ gan-an ní ìlà náà, `4F6B65` ni a rí. Lẹ́tà mẹ́ta péré nìyẹn: O, k, e. Bí Òkẹ́ bá wà níbẹ̀ ní pípé, `C3926BE1BAB9CC81` ni a ì bá rí.

Fáìlì àtètèkọ́ṣe ṣì wà lọ́wọ́ wa, àmì rẹ̀ sì pé. Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. A ó kọ́kọ́ yí àtẹ padà:

```
ALTER TABLE onibaara CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4;
```

Èyí yóò ṣí àyè sílẹ̀ fún gbogbo lẹ́tà Yorùbá, ṣùgbọ́n kò lè mú ohun tí ó ti sọnù padà. Nítorí náà, a ó tún orúkọ kà láti inú fáìlì àtètèkọ́ṣe, a ó sì fi nọ́ńbà oníbàárà so wọ́n pọ̀, kì í ṣe orúkọ. Òpó orúkọ nìkan ni a ó fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó ti tún orúkọ rẹ̀ ṣe láti ìgbà náà, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí fáìlì náà kí ó sì tún un fi pamọ́ títí a ó fi parí.

Àwa ni tiyín.

3. Àlàyé lórí ìwé náà

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí a kò fi tètè rí àléébù àtẹ náà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ti fi orúkọ méjì dán an wò, Àjàyí àti Òjó, méjèèjì sì wọlé ní pípé. Àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe latin1 fún. Faransé àti Itali ń lo à, è àti é; nítorí náà fáwẹ́lì tí ó ní àmì òkè nìkan rí àyè níbẹ̀. Kò sí èdè kankan nínú wọn tí ó ń lo ẹ, ọ tàbí ṣ. Òkè wọlé, Òkẹ́ kò wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wò gbọ́dọ̀ fi orúkọ tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà kan náà dán an wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ lè gbà bàjẹ́, ojú sì ni a fi ń dá wọn mọ̀:

(1) Òk??. Àtẹ kò ní àyè, ṣùgbọ́n a ti sọ fún ẹ̀rọ kí ó má kọ ohunkóhun. Àmì ìbéèrè jẹ́ méjì nítorí pé ẹ̀rọ ka ẹ sí ọ̀kan, ó sì ka àmì ohùn òkè sí ọ̀kan. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ti sọnù.

(2) Ã’kÃ¨. Òkè ni èyí. Kò sí ohun tí ó sọnù. Ètò tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ẹ̀rọ fi kà á. Èyí ṣe é tún ṣe láìsí fáìlì àtètèkọ́ṣe.

(3) Oke. Ẹnìkan ni ó bọ́ àmì kúrò. Èyí ni ó burú jù, nítorí kò dà bí àṣìṣe. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé bí oníbàárà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

4. Ìbéèrè kẹta

Àwọn kan nínú ikọ̀ wa dábàá pé kí a to orúkọ Yorùbá jọ pẹ̀lú àmì wọn, kí ẹ̀rọ máa fi rọ́pò àwọn tí kò ní àmì. A kò gbà. Bí ẹ̀rọ bá rí Oke, èwo ni yóò mú? Òkè jẹ́ ibi gíga. Òkẹ́ jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá fún ọmọ tí a bí pẹ̀lú àpò rẹ̀ láìya. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lè tọ́ni sọ́nà. Orúkọ nínú àkójọ kò ní gbólóhùn tí ó yí i ká. Àfi kí a padà sí ohun tí olórúkọ kọ, tàbí kí a bi í.

Ohun kan kù tí ó lè dẹ́rù ba ènìyàn lẹ́yìn àtúnṣe. Bí a bá wá Oke nínú àtẹ tuntun, Òkè àti Òkẹ́ ni yóò jáde pọ̀. Àmì kò tún bọ́ o. Ìlànà ìfiwéra tí MySQL ń lò láti ẹ̀dà 8.0 ti ọdún 2018, `utf8mb4_0900_ai_ci`, kì í ka àmì sí nígbà tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀. Èyí dára fún òṣìṣẹ́ tí ń wá oníbàárà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi pinnu pé ẹni méjì jẹ́ ẹnì kan. Fún ìyẹn, `utf8mb4_0900_as_cs` ni a ń lò, tàbí nọ́ńbà oníbàárà.

Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ olùdánwò lórí ẹ̀rọ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí fáìlì bá kọ̀ láti wọlé nítorí ẹ, ọ tàbí ṣ, àtẹ ni kí a tún ṣe. Kí a má ṣe tún orúkọ ọmọ ṣe kí ó lè bá àtẹ mu.