Ìbáramu Ìṣeéṣe àti Ìlà Ìgbẹ́kẹ̀lé

Ìbáramu ìṣeéṣe ni bí iye tí olùpínsísọ̀rí fi sọ ìdánilójú rẹ̀ ṣe bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ mu. Olùpínsísọ̀rí ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìsọfúnni wò, tó sì ń fi nǹkan kọ̀ọ̀kan sí ìsọ̀rí tirẹ̀, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ òjò tàbí ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Púpọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dárúkọ ìsọ̀rí nìkan. Wọ́n tún máa ń sọ ìṣeéṣe rẹ̀. Bí ètò kan bá sọ pé ìṣeéṣe òjò jẹ́ 90%, tí òjò kò sì rọ̀, a kò tíì lè sọ pé ó ṣìnà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti fi àyè ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú mẹ́wàá. Kíka ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà nípa wọn ni a fi ń dán an wò.

Ní Wagadúgù, olú-ìlú Bùkínà Fasò, láàárín oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún ń rọ̀. Àgbẹ̀ agbègbè náà tó bá gbin ọkà bàbà, tí òjò sì dá lẹ́yìn náà, lè rí i kí èhù rẹ̀ gbẹ, kí ó sì tún wá irúgbìn mìíràn. Ká ní àgbẹ̀ kan ti pinnu pé òun kò ní gbìn àfi bí ìṣeéṣe òjò bá tó 80%.

Àwọn iye tó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ àpẹẹrẹ tí a dá fún àlàyé. Ètò kan sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún 150 ọjọ́. Ó pe ìṣeéṣe òjò ní 10% fún 50 ọjọ́. Òjò rọ̀ ní 15 nínú wọn, èyí tó jẹ́ 30%. Ó pè é ní 50% fún 40 ọjọ́; òjò rọ̀ ní 20, èyí tó jẹ́ 50%. Ó pè é ní 90% fún 60 ọjọ́. Òjò rọ̀ ní 42, èyí tó jẹ́ 70%. Àgbẹ̀ tó gba 90% gbọ́ ń retí ọjọ́ gbígbẹ 6 nínú 60, ṣùgbọ́n 18 ni ó bá pàdé. Ká ní ó mọ̀ pé 70% ni, kì bá tí gbìn.

Láti ya ìlà ìgbẹ́kẹ̀lé, a ó fi ìṣeéṣe tí ètò náà sọ sí orí ìlà ìbú, a ó sì fi ìdá ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní tòótọ́ sí orí ìlà òòró. Bí ohun gbogbo bá bára mu, gbogbo àmì yóò bọ́ sórí ìlà tó dagun láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì dé igun òkè lápá ọ̀tún. Nínú àpẹẹrẹ wa, àmì àkọ́kọ́ wà lókè ìlà yìí, èkejì wà lórí rẹ̀ gan-an, ẹ̀kẹta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà tó bá tẹ́ ju ìlà adagun lọ báyìí ń fi àṣejù ìdánilójú hàn. Èyí tó bá ga sókè jù ú lọ ń fi ìbẹ̀rù hàn.

Àṣejù yìí sábà máa ń wáyé nígbà tí ètò náà bá ti kọ́ ìsọfúnni kan náà títí tó fi há a sórí. Ó ń ti ìṣeéṣe sún mọ́ 0% tàbí 100%, nítorí pé kì í ṣìnà mọ́ lórí ohun tó ti rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tuntun kò jọ ti àtẹ̀yìnwá tán. Ní 2017, Chuan Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ètò òde òní ń yan ìsọ̀rí tó tọ̀nà ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ tí ìdánilójú wọn kò bára mu tó.

Àtúnṣe tí wọ́n dábàá rọrùn. A ó pín iye z tí ètò náà ṣírò kí ó tó di ìṣeéṣe pẹ̀lú nọ́ńbà kan, T, tí a rí láti inú ìsọfúnni tí ètò náà kò fi kẹ́kọ̀ọ́:

```
p = 1 / (1 + e^(-z/T))
```

Bí T bá jẹ́ 2.6, 90% yóò di nǹkan bí 70%, 10% yóò di nǹkan bí 30%, 50% yóò sì wà bó ṣe wà. Ètò náà yóò ṣì máa yan ìsọ̀rí tó ń yàn tẹ́lẹ̀. Ìdánilójú rẹ̀ nìkan ni ó yí padà.

Ohun méjì ni kí ẹni tó ń ka ìlà yìí ṣọ́ra fún. Èkíní ni iye ọjọ́ tó wà nídìí àmì kọ̀ọ̀kan. Bí 90% bá jẹ́ òótọ́, nínú 60 ọjọ́ a ó retí òjò ní nǹkan bí 54, pẹ̀lú ìyàtọ̀ nǹkan bí 5 síwá tàbí sẹ́yìn. 42 jìnnà sí i ju kí a pè é ní èèṣì. Ṣùgbọ́n òjò ọjọ́ 3 nínú 5 kò lè fìdí nǹkan kan múlẹ̀. Èkejì ni pé ìbáramu nìkan kò tó. Òjò rọ̀ ní 77 nínú 150 ọjọ́ wa. Ètò tó bá ń sọ 51% lójoojúmọ́ bára mu, síbẹ̀ kò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Àìbáramu kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ní 1998 ni àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣe àsọtẹ́lẹ̀ òjò àsìkò lábẹ́ ètò tí a pè ní PRESAO nígbà náà, tí wọ́n ń pín ìṣeéṣe sí ọ̀nà mẹ́ta: òjò púpọ̀, òjò déédéé, òjò díẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 lórí àsọtẹ́lẹ̀ 1998 sí 2013 fi hàn pé wọ́n fún òjò déédéé ní ìṣeéṣe tó ju bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ. Ìṣọ́ra ló fa tiwọn, kì í ṣe àṣejù ìdánilójú. Kíka àsọtẹ́lẹ̀ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ó sì tú àṣírí rẹ̀.