Ẹ̀rọ Ta Ni Kóòdù Yẹn Ń Ṣílẹ̀kùn Fún?

Ṣé o mọ̀ pé pásíwọ́ọ̀dù rẹ kì í dé inú tẹlifíṣọ̀n rárá bí o bá fi kóòdù ṣí YouTube sórí rẹ̀? Orí fóònù lo ti ń wọlé. Àṣẹ tirẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbà, o sì lè gba àṣẹ náà padà nígbà tó bá wù ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kóòdù méjì ló wà níbẹ̀? Bí o bá ní kí tẹlifíṣọ̀n wọlé, Google á fún un ní kúkúrú kan tó máa gbé sójú, àti gígùn kan tó máa fi pamọ́ sínú. Ìwọ á gbé fóònù, wàá tẹ yt.be/activate, wàá kọ kúkúrú yẹn síbẹ̀, wàá sì gbà. Títí tí o fi máa ṣe tán, tẹlifíṣọ̀n ò sinmi: kóòdù gígùn ló fi ń béèrè léraléra pé, “Ṣé wọ́n ti gbà?” Ìlànà RFC 8628, tó jáde lọ́dún 2019, ní bí ẹnikẹ́ni ò bá dá iye mìíràn fún un, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni kó máa dúró kó tó tún béèrè. Ìyẹn ló fi máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ojú tẹlifíṣọ̀n tó yí padà lẹ́yìn tí fóònù ti ní ó parí. Fara balẹ̀, má tún un tẹ̀.

Ṣé o mọ ìdí tí irú kóòdù báyìí kì í fi í ní A, E, I, O tàbí U nígbà mìíràn? Ìlànà yẹn náà ló dá a lábàá, kí ẹ̀rọ má baà ṣèèṣì to ọ̀rọ̀ kan pọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n onílé. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ni WDJB-MJHT.

Kóòdù náà tún máa ń kú bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá. Bí fóònù bá kọ̀ ọ́ bó o tilẹ̀ kọ ọ́ pé, gba tuntun lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n wà lórí wáífáì kan náà? O lè wà n’Íbàdàn kí o ṣí tẹlifíṣọ̀n màmá rẹ l’Ọ́yọ̀ọ́, bí wọ́n bá ka kóòdù náà fún ọ. Ibẹ̀ gan-an lolè ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ tó béèrè kóòdù ni kóòdù ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Bí àjèjì bá fi kóòdù ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp pé kó o bá òun tẹ̀ ẹ́, àkáǹtì rẹ lo fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́ yẹn.

Ẹni tó bá sì ní kó o sanwó kí kóòdù tó ṣiṣẹ́, gbájú-ẹ̀ ni. YouTube kì í gba kọ́bọ̀ fún un.

Bí o bá fẹ́ kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àyágbé, lọ sí myaccount.google.com, wá ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ rẹ sí, kí o yọ tẹlifíṣọ̀n wọn kúrò.