Àyà Adìẹ Nínú Omi Tí Kò Hó

Bí wọ́n bá gbé ẹran kalẹ̀ nílé wa, itan adìẹ ni ojú gbogbo ènìyàn ń wá. Àyà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá dé kẹ́yìn. Kì í ṣe pé kò lẹ́ran lára, òun gan-an ló lẹ́ran jù. Gbígbẹ ló ń gbẹ. A ó bọ̀ ọ́, a ó dín in, a ó tún dà á sínú ọbẹ̀ kó hó sí i, títí yóò fi dà bíi pákó lẹ́nu, tí èèyàn á máa wá omi tì í lọ́fun.

Ọ̀nà ìsè kan wà tí kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ẹ ó fi àyà adìẹ sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ ó lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ó wá rì í sínú omi gbígbóná tí kò hó rárá, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń mú dúró lójú ooru kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Suu-fíìdì ni àwọn ará Faransé ń pè é. Ní 1974 ni alásè kan tó ń jẹ́ Georges Pralus lo ọ̀nà yìí nílé oúnjẹ àwọn Troisgros nílùú Roanne, nítorí ẹ̀dọ̀ ẹyẹ tí wọ́n bọ́ sanra, èyí tí ọ̀rá rẹ̀ ń yọ́ dànù tí wọ́n bá gbé e kaná. Lónìí, ẹ̀rọ tó rí bí ọ̀pá, tí a ń fi há etí ìkòkò, ti gbé iṣẹ́ náà wọ ilé ìdáná tiwa.

Ohun tó ń mú àyà gbẹ kò ṣòro láti mọ̀. Oríṣiríṣi pírótéènì ló wà nínú ẹran, wọn kì í sì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ ń dì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 50°C, òun ló ń mú kí ẹran tútù yí padà di funfun. Òmíràn ń dúró títí ooru yóò fi kọjá nǹkan bí 65°C. Bí ti ẹ̀yìn yìí bá dì, ńṣe ló máa ń fún omi inú ẹran jáde bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá fún aṣọ. Omi tó ń hó wà ní 100°C. Àyà adìẹ tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ ti kọjá ààlà yẹn tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró ní 63°C, kò sí ibì kankan lára ẹran náà tó lè gbóná ju 63°C lọ, ìbáà ṣe etí rẹ̀, ìbáà ṣe àárín.

Ìyá mi wo ìkòkò náà nígbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi tí kò hó, ṣé ẹran lè jinná nínú ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Salimonẹ́là àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Kampilobákítà máa ń wà lára adìẹ tútù, wọ́n sì lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sọ fún ará ilé pé kí àárín ẹran adìẹ dé 74°C. Ní 74°C, kòkòrò náà kú lójú ẹsẹ̀, kò sí pé a ń wo aago. Àmọ́ ooru tó kéré sí èyí náà ń pa á, kìkì pé ó ń gba àkókò. Ìjọba yẹn kan náà ló tẹ tábìlì jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹran: bí àárín adìẹ bá dé 60°C, kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sí 35, bí ọ̀rá ara rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ní 63°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 sí 13 ti tó. Bí kòkòrò náà bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá kó tó wọ omi, ẹyọ kan péré ni ìṣirò yẹn ń fi sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà rèé. Ìṣẹ́jú 13 yẹn kò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹran wọ omi. Ìgbà tí àárín ẹran gan-an bá tó gbóná dé 63°C ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹran ṣe nípọn tó ló ń pinnu bí ìyẹn yóò ṣe pẹ́ tó, ìwọ̀n kílò rẹ̀ kọ́. Bí nínípọn bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí ooru yóò fi dé àárín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Àyà tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 lè gbà tó ìṣẹ́jú 50 kí àárín rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta. Nítorí náà rúlà ni mo kọ́kọ́ máa ń mú, kí n tó mú ọ̀bẹ.

Ẹ jẹ́ ká sè ọ̀kan. Àyà adìẹ bọ́rọ́ílà ni, kò ní eegun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú fíríìjì, ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. Mo fi iyọ̀, ata gbígbẹ àti táìmù díẹ̀ pa á lára. Mo fi í sínú náílọ́ọ̀nù oníṣípù tó nípọn, irú èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún oúnjẹ, tó sì gba ooru. Náílọ́ọ̀nù dúdú ti ọjà àti santánà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Mo ṣí ẹnu náílọ́ọ̀nù náà díẹ̀, mo sì ń rì í wọ omi díẹ̀díẹ̀, kí omi máa ti afẹ́fẹ́ jáde lókè títí tó fi lẹ̀ mọ́ ẹran pẹ́kípẹ́kí. Ìgbà yẹn ni mo pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí afẹ́fẹ́ bá kù nínú rẹ̀, yóò léfòó, apá tó bá sì yọ sókè omi kò ní jinná. Ẹ má tò wọ́n léra wọn, nítorí àyà méjì tó lẹ̀ pọ̀ ti di ẹyọ kan tó nípọn nìyẹn.

Omi ti wà ní 63°C kí ẹran tó wọ̀ ọ́. Ooru rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó bá padà sí 63°C ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago: wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fún àyà onísẹ̀ǹtímítà 3 yìí. Bí mo bá fẹ́ kó tún rọ̀ sí i, 60°C ni mo máa ń lò, wákàtí méjì sì ni. N kì í lọ sísàlẹ̀ 60°C fún adìẹ, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀. Fún aboyún, ọmọ kékeré tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò le, mo máa ń sè é dé 74°C láìjiyàn. Àkókò tí mo sọ yìí, ti bọ́rọ́ílà ni. Àgbébọ̀ tàbí adìẹ ìbílẹ̀ tó ti gbó máa ń yi, ìkòkò ọbẹ̀ ló bá a mu.

Bí aago bá pé, mo máa ń mú tẹmómítà abẹ́rẹ́ gún àárín ibi tó nípọn jù. Ojú kò ṣeé gbára lé. Ẹran tó ti jinná dáadáa báyìí lè ṣì pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí kò jinná sì lè funfun. Lẹ́yìn náà, mo máa ń nù ún gbẹ, kí n fi í sínú òróró gbígbóná gan-an fún ìṣẹ́jú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè ní àwọ̀ àti òórùn. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ẹ ó rí omi rẹ̀ tó ń dán lójú ẹran náà. Ata díndín ni kí ẹ bù lé e lórí, ẹ má ṣe dà á padà sínú ọbẹ̀ tó ń hó.

Ní tiwa níhìn-ín, iná ọba ni ìṣòro. Ẹ̀rọ yìí máa ń jẹ tó wọ́ọ̀tì 800 sí 1,000, ínfátà kékeré kò lè gbé e. Nígbà kan, ẹran mi ti lo ìṣẹ́jú 40 nínú omi nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Mo dé ìkòkò náà, mo fi tówẹ́ẹ̀lì nípọn dì í, mo sì ń wo tẹmómítà. Ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn náà, nígbà tí iná dé, omi wà ní 59°C. Mo dúró kó padà sí 63°C, mo sì bẹ̀rẹ̀ wákàtí kan ààbọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ti lọ sísàlẹ̀ 55°C ni, mi ò bá ti gbé ẹran náà jáde lọ́gán, kí n sè é lórí gáàsì títí àárín rẹ̀ yóò fi dé 74°C.

Ìdí ni pé láàárín 5°C sí nǹkan bí 55°C, kòkòrò ń bí sí i. Bí ẹran bá lo ju wákàtí kan lọ nínú omi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó di dídànù. Bákan náà ni bí ẹ kò bá sí nílé, tí ẹ kò mọ iye àkókò tí iná fi lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ó tún un sè. Àwọn kòkòrò kan máa ń tu májèlé sílẹ̀ tí omi híhó pàápàá kò lè pa.

Bí àsìkò oúnjẹ kò bá tíì tó, ẹran tó ti jinná lè dúró nínú omi náà ní 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò léwu, ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rún bíi gààrí tó rin lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la, ẹ fi í sínú abọ́ omi tí yìnyín tó ìdajì rẹ̀, láìtú náílọ́ọ̀nù. Àyà onísẹ̀ǹtímítà 3 lè gba tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 kó tó tutù dénú. Ẹ máa fi yìnyín kún un bó bá ti ń yọ́. Inú fíríìjì ló kàn, fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin péré, tàbí kó wọ fìrísà.

Ẹ má gbé e sórí tábìlì nítorí pé ó wà nínú náílọ́ọ̀nù bí ẹja inú agolo. Ooru 63°C kò pa ẹyin kòkòrò tí wọ́n ń pè ní bọtulínọ́ọ̀mù, ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ ló sì ti ń gbèrú. Májèlé rẹ̀ lè pa èèyàn. Òtútù fíríìjì ló ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà bí iná bá lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ lára fíríìjì, kí ẹ da ẹran náà nù.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ ra tẹmómítà abẹ́rẹ́ kó tó ra ẹ̀rọ.